Kí ni 61.8 tí àwọn oníṣòwò kíríptò ń dúró dè?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, tí bítíkọ́ìnì bá ti fò sókè, mo máa ń gbọ́ kí wọ́n sọ pé "má sáré tẹ̀ lé e, jẹ́ kó padà sí 61.8." Kí ni 61.8 yẹn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń mọ ibi tó wà?

Ìdáhùn: Ó túmọ̀ sí pé ọjà ti dá 61.8% padà nínú ohun tó gùn. Ohun tó gùn la wí o, kì í ṣe gbogbo iye rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Inú òǹkà Fìbónáṣì ló ti wá: 1, 1, 2, 3, 5, 8, 13, 21, 34, 55. Ẹ pín 34 sí ọ̀nà 55, ẹ ó rí 0.618, ẹ pín 21 sí ọ̀nà 55, ẹ ó rí 0.382. 50% tí wọ́n ń fi sáàárín wọn kò sí nínú òǹkà náà rárá, àṣà àwọn oníṣòwò ló mú un wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi bítíkọ́ìnì ọdún 2024 wò ó. Ní 23 oṣù Kìíní, ó já wálẹ̀ dé nǹkan bí 38,500 dọ́là. Nígbà tó fi máa di 14 oṣù Kẹta, ó ti dé nǹkan bí 73,800. Ohun tó gùn jẹ́ 35,300. Lórí TradingView, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo àwòrán iye ọjà, ẹ mú irinṣẹ́ tí wọ́n kọ Fib Retracement sí, kí ẹ tẹ ìsàlẹ̀ ibi tó ti gbéra, kí ẹ sì fà á dé ṣóńṣó òkè. 0.382 á bọ́ sí 60,300, 0.5 sí 56,150, 0.618 sí 52,000, 0.786 sí 46,050. Tí ẹ bá ṣèèṣì fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, 60,300 ni wọn á kọ 0.618 sí, ẹ ó sì rà níbi tó wọ́n ju èyí tí ẹ ní lọ́kàn.

Ibo ni ọjà padà dé ní tòótọ́? Ní 20 oṣù Kẹta, ó kan nǹkan bí 60,800, ó sì tún fò kọjá 70,000 kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ní 1 oṣù Karùn-ún, ó dé 56,500. Ní 5 oṣù Kẹjọ, ó já gba inú 52,000 kọjá dé nǹkan bí 49,000, àmọ́ nǹkan bí 54,000 ló parí ọjọ́ náà sí. Ẹni tó fi sítọ́ọ̀pù, ìyẹn àṣẹ pé kí wọ́n tà á tí iye bá já débẹ̀, sí 51,500, lábẹ́ ìlà 0.618 gan-an, ti pàdánù kí ọjà tó yíjú padà.

Àgbègbè ni ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ògiri. Ìlà náà kò ní agbára kan fúnra rẹ̀. Ọ́dà tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ láti rà tàbí láti tà ló ń dá ọjà dúró. Ìdí tí a fi ka 52,000 sí ju 60,300 lọ ni pé, ní ìdajì kejì oṣù Kejì, ọjà ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láàárín 50,500 sí 53,000, àwọn tó rà níbẹ̀ pọ̀. Níbi tí ìlà Fìbónáṣì kò bá bá irú àmì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé, a kì í fi owó ńlá síbẹ̀.

Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tí ọjà máa dúró sí, ẹ pín iye bítíkọ́ìnì tí ẹ fẹ́ rà sí mẹ́ta ọgbọọgba: ọ́dà kan sí 60,300, ọ̀kan sí 56,150, ọ̀kan sí 52,000. Tí gbogbo wọn bá wọlé, àròpín iye tí ẹ rà á jẹ́ 56,150. Ẹ fi sítọ́ọ̀pù sí 45,500, lábẹ́ 0.786. Ìyẹn ni pé 10,650 dọ́là ni ẹ lè pàdánù lórí bítíkọ́ìnì kan. Ká ní 1,000 dọ́là ni gbogbo owó yín, tí ẹ kò sì fẹ́ pàdánù ju 20 lọ: ẹ pín 20 sí ọ̀nà 10,650, ẹ ó rí bítíkọ́ìnì 0.00188, ìyẹn bí 0.00062 fún ọ́dà kọ̀ọ̀kan. Ó kéré lójú, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó yíyá ìlọ́po 10 wọlé ní 60,300, nǹkan bí 54,300 ni wọn á ti fi tipátipá ti òwò rẹ̀, kó tó rí 52,000 rárá.

Ohun kan tún máa ń ba ìwọ̀n jẹ́: kí ẹ fà á nígbà tí òkè kò tíì dé òpin. Ní 5 oṣù Kẹta, bítíkọ́ìnì kan 69,000, ó sì já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó fà á síbẹ̀ rí 0.382 ní 57,350; ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ìlà yẹn ti sún sí 60,300. Ẹ dúró kí ọjà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì kó má lè kọjá òkè àkọ́kọ́. Tó bá sì parí ọjọ́ kan lábẹ́ 0.786, ẹ má tún fi ọ́dà tuntun sílẹ̀, nítorí pé ó lè já padà dé ibi tí gbogbo ìgòkè náà ti bẹ̀rẹ̀.