Èsì: Ṣé inú “Ifá” ni “àlùfáà” ti wá?

“Bàbá wa kan ní Kàbà ní a-lu-Ifá ni àlùfáà. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ló ṣe wá di orúkọ pásítọ̀?”

Òkun o. Rárá, kì í ṣe òótọ́. “Alfa” ni orísun rẹ̀, oyè tí wọ́n fi ń pe onímọ̀ Mùsùlùmí ní Tìmbúkútù, ní ilẹ̀ Málì, láyé ìjọba àwọn Sọ́ńgáì. Àwọn Fúlàní Fútà Jálọ̀n ní ilẹ̀ Gínì náà ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò dífá. Èdè wa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra, la fi ki “u” sáàárín “l” àti “f”. Àwọn tó gé e kúrú ló ń pè é ní àáfà.

Tún wo ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. A máa ń dá Ifá, a máa ń kì í. Lóòótọ́, babaláwo ń fi ìrọ́kẹ́ lu ọpọ́n, ṣùgbọ́n ta ló tíì pè é ní àlùfáà nítorí ìyẹn? Ìtumọ̀ tó bá dùn létí jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ti pásítọ̀ yẹn, iṣẹ́ àwọn atúmọ̀ Bíbélì ni. Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n parí odindi Bíbélì ní 1884, ń wá orúkọ fún Árónì àtàwọn ọmọ rẹ̀ tó ń rúbọ. “Àwòrò” wà nílẹ̀, àmọ́ ó ti bá òrìṣà lọ. Àlùfáà ti òrìṣà ò sí nígbà yẹn, Ọlọ́run kan ni àwọn tó ń jẹ́ ẹ ń sìn, ni wọ́n bá mú un. Láti inú Léfítíkù ló ti dé orí pẹpẹ ìjọ. Àdúrà àti wàásù náà tọwọ́ Mùsùlùmí dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ tí a yá nìkan ni ọ̀nà yìí, ká máa wá orísun ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì, wà fún o. Bí ẹ kò bá rí i lẹ́nu àwọn aládùúgbò wa, ẹ wá a nínú Yorùbá fúnra rẹ̀.