Ẹ̀fẹ̀ tí a túmọ̀ tí ò pani lẹ́rìn-ín mọ́

Ìbéèrè: "Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìjẹ̀bú nìyàwó mi. Bí wọ́n bá ṣẹ̀fẹ̀ nílé wa tí mo túmọ̀ ẹ̀ fún un, á ní ó ti yé òun, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ tí adùn ẹ̀ ò ní í lọ?"

Ẹ̀yin lẹ ń bá a rẹ́rìn-ín ẹ̀ tán. Ẹni tó mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe kì í sọ ọ́ dópin. Ó máa ń fi ibì kan sílẹ̀ kí olùgbọ́ fúnra ẹ̀ so ó pọ̀, ibi tó bá ti so pọ̀ lójijì yẹn lẹ̀rín ti ń bú jáde. Àlàyé ló ń dí àyè yẹn.

Ẹ wo èyí. Èèyàn méjì ń du ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìlọrin bọ̀ l'Ọ̀fà. Dírẹ́bà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́ yanjú ẹ̀." Ọmọ Ọ̀fà ní kò burú, ló bá ń bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀.

Gbogbo ilé yín á ti bú sẹ́rìn-ín, torí láti kékeré lẹ ti ń gbọ́ "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà". Ìyàwó yín á máa wò yín. Ẹ̀yin náà á wá ní, "Ṣó o rí i, a fẹ́ràn ìjàkadì níbí, ó fẹ́ bá a jà ni, kò sì fẹ́ kí aago ẹ̀ fọ́." Òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n kí ló kù tí obìnrin náà fẹ́ fúnra ẹ̀ rí?

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò mọ̀, oríkì yẹn ni. Pé èèyàn ń bọ́ aago kó tó jà, wọ́n mọ̀ ọ́n n'Íjẹ̀bú dáadáa. Nítorí náà oríkì nìkan ni kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì tètè fún un, nínú ọ̀rọ̀ mìíràn, bóyá nígbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun lálẹ́. Ẹ má fi lé ẹ̀fẹ̀ náà lórí gan-an: bẹ́ ẹ bá ní "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" tán, tẹ́ ẹ wá ní "èèyàn méjì ń du ìjókòó", á ti rí ìjà kó tó dé. Aago yẹn ló sì gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, kí "torí pé" kankan má tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá ti ṣe é tí kò sì yé e ńkọ́? Ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bọ́ ládùúgbò yín bí ìjà bá fẹ́ dé?" Kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ̀rín náà lè má pọ̀, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ni. Bí kò bá tún yé e, ẹ túmọ̀ ẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan yẹn ti kú, àmọ́ oríkì ti wọ̀ ọ́ létí, òun ló máa lò fún èyí tó ń bọ̀.

Ẹ̀fẹ̀ tó bá dúró lórí ohùn, irú èyí tí àwọn Ìgbómìnà ń fi èdè ìlú wọn dá, ọgbọ́n yìí ò ràn án. Etí ẹ̀ ló máa kọ́ ìyẹn, díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá ní bàbá kan l'Ọ̀fà gbọ́ pé àna òun ń bọ̀ wá ṣàríyànjiyàn, tó ní kí wọ́n kó àga kúrò ní pálọ̀, ẹ má wo ojú ìyàwó yín rárá.