Owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù, níbo ló ti ń wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Alhaji. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, n'Ílọrin. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa mú ilé-iṣẹ́ kan wá. Wọ́n ní tí mo bá fi ₦400,000 sílẹ̀ fún ọdún kan, wọ́n á máa san ₦60,000 fún mi lóṣooṣù, èrè náà dájú, hàlálì sì ni. Ẹni náà ti gba tirẹ̀ ní oṣù mẹ́rin léraléra, mo sì rí sátífíkéètì ìjọba wọn. Ṣé kí n gbé owó sílẹ̀?

Ìdáhùn: Alhaja, ẹ má tíì gbé e sílẹ̀. Èyí tó fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù, pé ọ̀rẹ́ yín ti gbowó ní oṣù mẹ́rin, òun ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ká ní wọn ò fi owó yín ṣòwò kankan. Wọn ò ra ọjà, wọn ò dá oko, inú àpótí ni wọ́n gbé ₦400,000 náà sí. Ká ní wọ́n yọ ₦40,000 níbẹ̀ fún ẹni tó mú yín wá. Ó ku ₦360,000. Tí wọ́n bá ń yọ ₦60,000 fún yín lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n á fi san án láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ọwọ́ sókè ṣiṣẹ́. Owó yín ni wọ́n ń já fún yín díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin á sì máa ṣàdúà fún wọn! Láti oṣù keje, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n á máa fi san tiyín. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń fún ẹni tó bá mú èèyàn wá lówó, tí wọ́n sì ń rọ ẹni tó gba èrè pé kó dá a padà síbẹ̀ kó lè tún pọ̀ sí i. Sogúndogójì nìyẹn. Bí ọ̀rẹ́ yín náà bá fi ₦400,000 sílẹ̀, ₦240,000 péré ló tíì gbà. ₦160,000 nínú ojú owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

₦60,000 lórí ₦400,000 jẹ́ ìdá 15 nínú 100 lóṣù kan, ìyẹn 180 lọ́dún. Kódà ní 2024 tí èlé ga gan-an, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ aráàlú fún ọdún kan, èlé rẹ̀ kò pé 30. Ẹni tó ní òwò gidi tó lè san 180, bánkì ni ì bá lọ yáwó, torí èlé tiwọn kò súnmọ́ èyí rárá. Kí ló dé tó fi ń wá owó aláṣọ kiri?

Ti hàlálì yẹn tún wá le jù. Nínú mùdárábà, ìyẹn àdéhùn hàlálì tí ẹnìkan fi ń kó owó sílẹ̀ kí ẹlòmíràn fi ṣòwò, ohun tí ẹ̀yin àti oníṣòwò jọ ń fẹnu kò lé lórí ni bí ẹ ó ṣe pín èrè tó bá wọlé. Tí òwò bá wọmi láìsí àṣìṣe tàbí àìbìkítà oníṣòwò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lowó lẹ máa gbé àdánù owó náà. Ẹni tó wá ṣèlérí iye kan pàtó lórí ojú owó yín, tó ní kò sí àdánù, ti kúrò níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ní tààrà: oṣù tí òwò ò bá pa èrè ńkọ́?

Ní ti sátífíkéètì, tó bá jẹ́ ti CAC, orúkọ ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Onídìrí náà lè gba irú rẹ̀. Àjọ SEC ló ń fún ilé-iṣẹ́ láṣẹ láti gba owó aráàlú fún ìdókòwò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kan ṣí sec.gov.ng, kó wá orúkọ wọn nínú àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀, kó sì fi wé e lẹ́tà sí lẹ́tà, torí àwọn gbájúẹ̀ máa ń mú orúkọ tó jọ ti ẹni tó láṣẹ. Nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì SEC ni kẹ́ ẹ pè, ẹ fi ti inú ìwé ìpolówó wọn sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó sí. Tó bá jẹ́ ti ẹnìkan, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọ̀rẹ́ yín ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára. Kó kọ̀wé béèrè ojú owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó má sì mú ẹlòmíràn wọlé mọ́. Tí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ san owó kan kí tirẹ̀ tó lè jáde, kó má san kọ́bọ̀. Nígbà tí CBEX, ìkànnì ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, dẹnu kọlẹ̀ ní April 2025, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: wọ́n ní kí àwọn èèyàn san 100 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó lè gbowó wọn. Kó kó rìsíìtì, ìwé àdéhùn àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù jọ, kó gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì EFCC tó wà n'Ílọrin níbí.