Kí ni "ìgbéléra ìgbì" túmọ̀ sí gan-an?

Ìbéèrè: "Olùkọ́ wa pè é ní 'ìgbéléra ìgbì' nígbà tí ìgbì méjì bá pàdé lórí okùn. Tí ọ̀kan bá yọ iké sókè, tí èkejì sì tẹ kòtò sísàlẹ̀, okùn a tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé wọ́n ti pa ara wọn nìyẹn? Báwo ni wọ́n ṣe tún ń jáde? Kí ló sì dé tí ìgbì tó bá kan ibi tí a so okùn mọ́ fi ń dojú dé padà?"

Ìdáhùn: Rárá o, wọn ò pa ara wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: "gbé", "lé" àti "ara". Ẹrù tí a gbé léra ṣì ṣeé sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí bí omi àti aró tó ti dàpọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju "ìkọlù" lọ. Ìgbì ń gba inú ìgbì kọjá ni, níbi tí wọ́n bá sì ti bo ara wọn, okùn a ro gíga àwọn méjèèjì pọ̀.

Ká ní ìgbì ń rin mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iké kan ń bọ̀ láti òsì, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, gígùn rẹ̀ 40. Kòtò tó bá a dọ́gba ń bọ̀ láti ọ̀tún. Ìpàdé wọn látòkè délẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ní àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́, 5 yọ 5 di òdo, okùn sì tẹ́.

Àmọ́ okùn tó tẹ́ yẹn kò dúró. Iwájú iké máa ń gbé okùn sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì dá a padà sílẹ̀; ti kòtò jẹ́ òdìkejì. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bo ara wọn tán, ìdajì ọ̀tún okùn ń sáré sókè, ìdajì òsì ń sáré sísàlẹ̀, eré wọn sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìgbì kan ṣoṣo. Gbogbo agbára ti bọ́ sínú eré yẹn. Títẹ́ okùn yẹn kàn ń tan ojú wa jẹ ni. Eré yìí ló tún ń gbé wọn jáde: iké yọ lọ́wọ́ ọ̀tún, kòtò yọ lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń bá ọ̀nà wọn lọ. Tí ẹ bá fi fóònù tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ká a sílẹ̀, ẹ óò rí nǹkan bí àwòrán 24 nínú ìpàdé náà. Èyí tó ń ya 30 kò ní mú ju mẹ́ta lọ.

Ẹ wá kíyè sí ojú àárín gbùngbùn ibi tí wọ́n ti pàdé: kò mì rárá, torí bí iké ṣe ń fà á sókè ni kòtò ń fà á sílẹ̀. Bí a bá kan ìṣó mọ́ ọn níbẹ̀, kò sí ohun tó máa yí padà. Òpó tí a so okùn mọ́ kò yàtọ̀ sí ìṣó yẹn. Iké fa òpó sókè, òpó fa okùn sílẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà, kòtò sì padà bọ̀, bí ẹni pé ó ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òpó.

Bí ti yín bá padà wá láìdojú dé, ẹ yẹ ìdè wò. Òrùka tó ń yọ̀ lókè-sódò lára òpó máa ń dá iké padà ní iké.