Àáfà ní ìràwọ̀ wa kò bára mu, ó sì ń bèèrè owó ńlá

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, àáfà wa. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ gbé orúkọ wa lọ sọ́dọ̀ àáfà kan, àáfà náà ní ìràwọ̀ wa kò bára mu, pé bí a bá fẹ́ra, ọ̀kan nínú wa yóò kú kí ọdún kẹta tó pé. Owó kékeré ló gbà láti wò ó, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tó ní yóò fi tún un ṣe pọ̀ gan-an. A ti san ìdajì. Ó ń kírun, Àlùkùránì ló sì ń kà. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ àbí ẹ̀rù ló fi ń jẹun? Ṣé ká san ìyókù?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàláàmù. Ẹ má san ìyókù owó yẹn, ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún ọjọ́ ìgbéyàwó yín síwájú. Mo mọ̀ pé èyí nìkan kò ní tó láti fi ọkàn màmá balẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣí ohun tó wà nínú àpò irú àáfà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ohun tí wọ́n ń pè ní wíwo ìràwọ̀ ọkọ àti ìyàwó kì í ṣe ìràwọ̀ ojú ọ̀run rárá. Ìṣirò ni. Lẹ́tà Lárúbáwá 28 ló wà, wọ́n sì ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye kan láti ayé àtijọ́: álífù jẹ́ 1, báà jẹ́ 2, yáà jẹ́ 10, míìmù jẹ́ 40, ráà jẹ́ 200, títí dé 1000. Àwọn onímọ̀ máa ń fi kọ ọdún sínú ewì àti sára ilé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹni tó ń woṣẹ́ ló sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Yóò ṣírò orúkọ ọkùnrin, yóò ṣírò ti obìnrin, nígbà mìíràn yóò fi orúkọ ìyá wọn kún un, yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò fi 9 tàbí 7 tàbí 12 pín in, yóò sì wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ìwé tí wọ́n ti kọ rere àti burúkú sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ká ní Yúsúfù fẹ́ fẹ́ Máríyámù. Yáà 10, wáwù 6, síìnì 60, fáà 80: Yúsúfù di 156. Míìmù 40, ráà 200, yáà 10, míìmù 40: Máríyámù di 290. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 446. Bí a bá fi 9 pín in, ó ṣẹ́ku 5. Ó parí, àbí? Kò tíì parí o. Iye tí àwọn ará ìlà-oòrùn Lárúbáwá fún síìnì ni 60 yẹn. Lọ́dọ̀ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn, ní Mòrókò àti agbègbè rẹ̀, 300 ni síìnì. Yúsúfù kan náà wá di 396, àpapọ̀ di 686, ohun tó ṣẹ́kù di 2. Ẹ fi 7 pín wọn dípò 9, ti àkọ́kọ́ á ṣẹ́ku 5, ti ìkejì kò ní ṣẹ́ku nǹkan kan. Bí orúkọ bá tún jẹ́ Fáátímà, lẹ́tà tó kẹ́yìn rẹ̀ á jẹ́ 5 lọ́wọ́ ẹnì kan, á jẹ́ 400 lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Tọkọtaya kan náà, orúkọ kan náà, ìdáhùn ń yí. Ṣé ikú ọmọ ènìyàn á wá dúró lórí bóyá ọ̀dọ̀ ará Mòrókò ni àáfà ti kọ́ṣẹ́ àbí ọ̀dọ̀ ará Íjíbítì? Ẹ fi ìṣirò yìí han màmá, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rò ó. Ó máa ń yé àgbàlagbà ju wáàsí wákàtí kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀lé owó náà, torí ibẹ̀ lẹ ti máa dá ẹni tó ń fi ẹ̀rù jẹun mọ̀. Owó àyẹ̀wò máa ń kéré, kì í sì í ṣèèṣì. Kí ẹ lè wọlé ni. Kí ó tó sọ nǹkan kan fún yín, ẹ̀yin lẹ ó ti sọ̀rọ̀: màmá á dé ibẹ̀, wọ́n á ní ọmọ àwọn fẹ́ gbéyàwó, ọkàn àwọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí kò nílò àlùjànnú kankan láti mọ̀ pé ìyá kan ń bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀. Ó kàn dá ẹ̀rù náà padà fún wọn, ó sì fi ikú àti ọjọ́ dè é. Ẹ wò ó dáadáa: kò sọ pé ẹ lè máa jà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ní rí owó ńlá gbà, nítorí gbogbo tọkọtaya ló ń jà. Ikú ló máa ń mú ènìyàn lọ yá owó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ á dé. Àwọn nǹkan tí yóò lò, òun nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á, nítorí náà owó ló fẹ́, kò fẹ́ kí ẹ rà á wá. Ó gbọ́dọ̀ di ṣíṣe kí ọjọ́ báyìí tó kọjá, kí ẹ má baà ráàyè ronú. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ìmáàmù yín, nítorí “iṣẹ́ náà á bàjẹ́”. Bí ẹ bá san án tán, tí ó rí i pé ọwọ́ yín ṣì lè mú nǹkan jáde, á rí òmíràn tó fara pamọ́ sẹ́yìn àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀ ìdílé, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tó wá bá mi débi pé bí wọ́n bá ti sọ ìdajì rẹ̀, mo máa ń bá wọn sọ ìyókù.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ tí kò fi lè jẹ̀bi láé. Bí ẹ bá sanwó tí ẹ wà láyé lẹ́yìn ọdún kẹta, iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́. Bí ẹ kò bá sanwó tí ẹ sì wà láyé, á ní ẹnì kan ti bá yín ṣe é ní kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sanwó tí nǹkan ṣe yín, ẹ ti rú èèwọ̀ tó fún yín. Ẹ bi í léèrè pé: “Kí la máa rí tí yóò fi hàn wá pé ohun tí ẹ sọ kò rí bẹ́ẹ̀?” Bí kò bá ní ìdáhùn, ìdáhùn yín nìyẹn.

Ẹ ní ó ń kírun, ó sì ń ka Àlùkùránì. Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí owó rúkíyà, ìyẹn kíka Àlùkùránì sí aláìsàn lára, tọ́ nínú ẹ̀sìn. Hádíìsì Abú Sàídì Kúdúrì wà nínú Búhárì àti Múslímù: nǹkan ta olórí àwọn ènìyàn kan, ọ̀kan nínú àwọn sọ̀hábà ka Fátíà sí i lára, ara rẹ̀ dá, wọ́n gba agbo àgùntàn tí wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ní kí wọ́n pín in. Àmọ́ ẹ fi wé tiyín. Ẹni yẹn ti ń jẹ̀rora kí sọ̀hábà tó dé, gbogbo ènìyàn ló rí i. Sọ̀hábà kọ́ ló sọ fún un pé ara rẹ̀ kò yá. Fátíà ni wọ́n kà, kì í ṣe nǹkan àṣírí. Ìgbà tí ara dá ni wọ́n tó gba àgùntàn. Ẹni tó rí àìsàn lára ẹni tí ara rẹ̀ le, tó sì jẹ́ òun náà ló ń ta oògùn rẹ̀, kì í ṣe onírúkíyà. Àlùkùránì tó ń kà kò sọ ọ́ di rúkíyà.

Bákan náà ni àwọn tó ń gbowó láti “bá ènìyàn ṣe ìsítíkárà”, ìyẹn àdúà tí a fi ń bẹ Ọlọ́hun pé kó yan èyí tó dára jù fún wa, tí wọ́n á sùn mọ́jú kí wọ́n tó jíṣẹ́ àlá. Jábírì ròyìn pé Ànábì máa ń kọ́ wọn ní ìsítíkárà bó ṣe ń kọ́ wọn ní súrà Àlùkùránì: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á kí rákáà méjì tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, á sì ṣe àdúà tí hádíìsì náà gbé wá. Kò sí àlá nínú rẹ̀, kò sí owó nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ bí a ṣe ń yẹ ọkọ tàbí ìyàwó wò, Fáátímà ọmọ Káísì gbé ọ̀rọ̀ irú rẹ̀ lọ bá Ànábì fúnra rẹ̀. Muáwíyà àti Abú Jáhúmù ló ń wá a. Ànábì kò bèèrè orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ó ní Muáwíyà kò lówó lọ́wọ́, Abú Jáhúmù kì í gbé ọ̀pá kúrò léjìká, ìyẹn ni pé ó máa ń lu obìnrin, ó sì ní kó fẹ́ Úsáámà. Ó fẹ́ ẹ, ó sì rí oore níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó mọ ọkùnrin mọ̀ nípa rẹ̀ ni Ànábì wò: owó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ìwà rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò tí ẹ kò bá tíì ṣe é, ìyẹn ni jínótáìpù ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Àìbáramu tó lójú nìyẹn. Ilé àyẹ̀wò méjì tó mọṣẹ́ á fún yín ní èsì kan náà, kò sì sí ẹni tó máa ta sàráà fún yín láti fi yí i padà.

Ní ti owó tó ti lọ, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè rẹ̀ padà. Abú Másúùdù ròyìn pé Ànábì kọ owó awoṣẹ́, ó kà á mọ́ owó aṣẹ́wó. Kí ọkùnrin méjì lọ bá a, kí màmá má dá lọ, kí wọ́n sì má jókòó fún àyẹ̀wò mìíràn. Bí ó bá ní ohun tí ẹ ṣe á mú ikú náà yá, ẹ kò gbọ́ nǹkan tuntun. Ìpolówó ọjà kan náà ni. Bí kò bá dá a padà, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Bí ó bá ti fún yín ní tírà, ẹ tú u. Bí ẹ bá rí áyà nínú rẹ̀, ẹ jó o tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó mọ́. Bí nọ́ńbà àti ilà lásán ló wà níbẹ̀, ẹ jó o.

Màmá á fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tiwọn já sí. Hádíìsì Múslímù ní ẹni tó bá lọ bi awoṣẹ́ léèrè nǹkan, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òru. Kí wọ́n má tìtorí èyí fi ìrun sílẹ̀ o! Àlàyé àwọn onímọ̀ ni pé ẹ̀san rẹ̀ ló lọ, ọ̀ranyàn náà ṣì wà lọ́rùn wọn, kò sì sí pé wọ́n á tún un kí. Kí wọ́n túúbá. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀sín fún wọn nínú ilé ọkọ yín lọ́la, torí ìfẹ́ ọmọ ló gbé wọn débẹ̀.