Ìgbà wo la lè ṣe sìkúéà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àìdọ́gba?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi tó wà ní girama níbí l'Abẹ́òkúta ṣe sìkúéà sí √(x+6) > x, ó rí −2 < x < 3. Tíṣà ní kò pé. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bá kéré sí òdo nìkan ni àmì máa ń dúró bó ṣe wà. Bí méjèèjì bá jẹ́ òdì, àmì á yí padà: −5 < −2, àmọ́ 25 > 4. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ òdì, ẹ má ṣe é rárá: −5 < 2 di 25 > 4, síbẹ̀ −1 < 2 di 1 < 4. Kò ṣeé gbára lé.

Ibẹ̀ lọmọ yín ti ṣìnà. x lápá ọ̀tún lè jẹ́ òdì, nítorí náà ẹ pín in sí méjì. Kí gbòǹgbò tó ṣeé ṣe, x gbọ́dọ̀ tó −6. Láti −6 títí dé ìsàlẹ̀ òdo, gbòǹgbò kì í jẹ́ òdì, x sì jẹ́ òdì, ó ti tọ̀nà láìṣe sìkúéà. Láti òdo sókè, ẹ wá ṣe é: x+6 > x², ìyẹn (x−3)(x+2) < 0; ẹ mú 0 ≤ x < 3 nìkan níbẹ̀. Ẹ so méjèèjì pọ̀: −6 ≤ x < 3.

Ẹ fi x = −5 dán an wò: √1 = 1, ó ju −5 lọ. Ọmọ náà ti sọ ọ́ nù.

Bí àmì bá jẹ́ <, ìdáhùn èké ló máa ń wọlé: x = −4 á yege lẹ́yìn sìkúéà, àmọ́ √2 kò kéré sí −4.