Bí a ṣe ń bá ọmọkùnrin sọ̀rọ̀ nípa ìjọ́hẹn, àti nípa ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 16. Mo gbọ́ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọmọbìnrin tó bá ní òun ò ṣe, ojú ayé ló ń ṣe, kí ọkùnrin ṣáà máa rọ̀ ọ́ títí yóò fi gbà. Wọ́n tún ń fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò tíì mọ obìnrin. Bàbá rẹ̀ ní bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà nìyẹn, kí n fi í sílẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un, báwo ni kí n sì ṣe gbé e kalẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má fi í sílẹ̀ o. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló ti gbọ́ ọ. Nínú ìlànà ìfẹ́sọ́nà ilẹ̀ wa, ọmọbìnrin kì í tètè dá ọkùnrin lóhùn. Alárinà á lọ, á bọ̀, títí ọmọ náà yóò fi jẹ́ hẹn. Ìdáhùn rẹ̀ yẹn là ń pè ní ìjọ́hẹn tàbí ìṣíhùn. Àwọn ọmọkùnrin òde òní wá di “obìnrin kì í tètè gbà” mú, wọ́n ju ìyókù nù. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí nígbà yẹn, àgbàlagbà wà láàrin, ọmọbìnrin náà sì wà nílé baba rẹ̀. Kì í ṣe nínú yàrá tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé àṣà kan náà tó ń fi ṣe àwáwí ló ní kí ọkùnrin dúró de ìjọ́hẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó mọ bí a ṣe ń dá ìjọ́hẹn mọ̀, torí ọ̀pọ̀ òbí ò dé ibẹ̀ rí. Wọ́n á ní “má fi agbára mú ọmọ ọlọ́mọ”, wọ́n á sì dákẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á rò pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò bá pariwo, kò sí wàhálà. Rárá o. Tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn gan-an, ara rẹ̀ lè le gbagidi, ohùn lè há, kó má lè sọ̀rọ̀, kó má lè tì ẹnikẹ́ni dànù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìjọ́hẹn. Tó bá ń yí ojú sẹ́yìn, tó ń yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, tó ní “jẹ́ n lọ ronú”, tó ní “ẹ̀rù ń bà mí”, rárá ló ń sọ. Ẹni tó ti mutí yó tàbí tó ń sùn kò lè jẹ́ hẹn. Ẹni tó gbà lánàá lè kọ̀ lónìí, ẹni tó ti gbà láti fẹnu konu kò tíì gba ohun mìíràn. Èyí tó sì wá lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ìgbà mẹ́wàá tàbí “màá fi ẹ́ sílẹ̀”, àárẹ̀ tàbí ìbẹ̀rù ló bí i.

Ẹ fi òfin kún un, láìfi dẹ́rù bà á. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀ ti jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀. Kò gba “ó gbà fún mi” gẹ́gẹ́ bí àwáwí, kò sì gba “mo rò pé ó ti pé 18”. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2007. Nítorí náà, láàrin òun àti ọmọ kíláàsì rẹ̀, bí ọmọbìnrin náà tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni, òfin ò kà á sí.

Ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ ló ṣòro jù. Ọmọ yín lè mọ ohun tó tọ́ dáadáa, kó ṣì ṣe òdìkejì rẹ̀ níwájú ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń rẹ́rìn-ín, torí pé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ bá a wá. Ẹ má pè é jókòó bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Ẹ dúró de ìgbà tí ẹ jọ ń ṣe nǹkan, bí ìgbà tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tàbí tí ẹ ń ṣa ẹ̀wà, tí kò ní máa wo ojú yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, kí ẹ tún padà sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ gbé irú èyí síwájú rẹ̀: wọ́n parí ìdánwò, àwọn òbí ọ̀rẹ́ wọn kan rìnrìn àjò, wọ́n kóra jọ sílé ọ̀hún. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ lẹ́sìnnì ti mutí, ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá. Ọ̀kan nínú wọn jáde, ó ní, “Ó kàn ẹ́, wọlé, àbí o ò kí ń ṣe ọkùnrin?” Ẹ bi í pé: “Kí lo máa sọ?” Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó ṣeé ṣe kó ṣe àlàyé gígùn, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń bàjẹ́, torí gbogbo àlàyé ni wọ́n á rí èsì fún. Kúkúrú ló ń ṣiṣẹ́: “Mi ò ṣe. Ọmọ yẹn ti yó, ẹ jáde níbẹ̀.” Kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó má bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mẹ́rin, kí ẹ̀yin máa ṣe bí ọ̀rẹ́ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn náà, kó má fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀ níbẹ̀ sá lọ. Kó pe obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà, tó wà nítòsí, wọlé tì í, kó sì pe àgbàlagbà kan. Òfin Ìwà Ipá ti 2015, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti sọ di tiwọn, fi ẹ̀wọ̀n ọdún 20 ó kéré tán, láìsí owó ìtanràn, lélẹ̀ fún àwọn tó bá para pọ̀ fipá bá ènìyàn lò pọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kò lè ní òun ò wọlé, torí olùrànlọ́wọ́ ọ̀daràn, ọ̀daràn ni. Tí wọ́n bá fi àwòrán ìhòòhò ọmọ náà sórí Wasáàpù, kó má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, Òfin Ọ̀daràn Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì ti 2015 dé ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jọ ṣe àdéhùn àmì kan. Tó bá fi ọ̀rọ̀ kan báyìí ránṣẹ́ sí yín, bíi “ṣé àǹtí ti dé?”, kí ẹ pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ pariwo pé kó máa bọ̀ nílé. Ẹ̀yin ni wọ́n á bú, ojú ò ní tì í. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbéèrè yọ ọ́ lẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí ẹ bá nà án tàbí tí ẹ ṣépè fún un, kò ní fi àmì náà ránṣẹ́ mọ́.

Mi ò fẹ́ràn “tó bá jẹ́ àbúrò rẹ ńkọ́?”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Ó ń kọ́ ọmọ pé ọmọbìnrin tó ní ẹ̀gbọ́n nìkan ni ká bọ̀wọ̀ fún. Ẹ sọ fún un pé ọmọbìnrin náà ló ni ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọkùnrin fúnra rẹ̀. Ó lè kọ̀ fún ọmọbìnrin, fún àgbàlagbà obìnrin, fún ọkùnrin. Tí ara rẹ̀ bá jí, kì í ṣe pé ó gbà; ara ń dáhùn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọkàn. Ẹ bi í jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án rí bí kò ṣe fẹ́. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, sí i tàbí sí ẹlòmíràn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kó tó pé wákàtí 72, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní Èkó, ibùdó Mirabel tó wà ní Ìkẹjà ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ láti 2013.

Ní ti bàbá rẹ̀, ẹ bá a sọ ọ́ lẹ́yìn ọmọ. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ìwàásù. Ẹ ní kó ṣáà má rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kó sì sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré pé, “Ẹni tó bá kọ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkùnrin ni lójú mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu bàbá ni ọmọ náà ti fẹ́ gbọ́ ọ.